Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí èsì: báwo ni mo ṣe lè béèrè láìdi oníyọlẹ́nu?

Oníná Apake

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi pùrópósà sólà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé aládàáni kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ínfátà 5 kVA, bátìrì líthíọ̀mù 2, páńẹ́lì 8. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 4 náírà. Mọ́mì tó ni ilé-ìwé fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́ wá. Mo fi sí ímeèlì ilé-ìwé, mo tún fi sí Wáàsáàpù wọn, àmì rẹ̀ sì ti di búlúù. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, wọn ò sọ nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ebi ń pa mí, mi ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Báwo lẹ ṣe máa ń béèrè?

---

Má-Wo-Ojú

Pè wọ́n. Kí lo ń dúró dè? Àwa tá a wà nídìí páànù ní Takie, tá a bá fún oníbàárà níye lónìí, lọ́la a ti pè é. Tí kò bá gbé e, a ó tún pè lọ́tunla. Ẹni tó bá ń tijú kò lè tajà. Tó bá di ìgbà kẹta, yọ ìdá 10 nínú 100 kúrò nínú owó náà, wàá rí i bí wọ́n ṣe máa dáhùn kíá.

---

Bàbá Fáìlì

Má-Wo-Ojú, ọ̀nà tìrẹ bá páànù mu. Ẹni tí òjò ń kán sí lórí nínú yàrá rẹ̀ ń wá páànù lónìí, ó sì lè sanwó lónìí. Ilé-ìwé kì í náwó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gba apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ: ọ̀sẹ̀ méjì ti tó láti béèrè, kò sí àgbà tó máa bínú sí i.

Oníná, kí o tó máa wá ìdí tí wọn ò fi dáhùn, kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìwé náà wà. Yàrá fáìlì ní sẹkitéríàtì Agodi, n'Ìbàdàn, ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé tí kò ní èsì, kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ ọ́. Ó kàn jókòó sórí tábìlì ẹni tí kò láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tó mọ ọ̀nà máa ń mú ẹ̀dà méjì wá. A ó gba ọ̀kan, a ó lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí ìkejì, wọ́n á mú un lọ sílé. Tí wọ́n bá padà wá, wọn ò ní dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n máa bẹ̀ pé ẹ dákun, ọ̀rọ̀ mi ńkọ́. Wọ́n á fi òǹtẹ̀ han akọ̀wé, akọ̀wé á ṣí ìwé tá a fi ń kọ bí fáìlì ṣe ń rìn, á ní ó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá báyìí láti ọjọ́ báyìí. Ìwé nìkan ni wọ́n béèrè, wọn ò béèrè owó. Irú ìbéèrè yẹn kì í ni ẹnikẹ́ni lára.

Búlúù tí o rí yẹn, má gbọ́kàn lé e. Ó fi hàn pé ẹnì kan ṣí ọ̀rọ̀ rẹ. Kò fi hàn pé wọ́n ṣí fáìlì tó wà nínú rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn ló ń fi fóònù náà ṣeré. Ímeèlì ilé-ìwé yẹn ńkọ́, ta ló ń ṣí i?

---

Oníná Apake

Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò mọ ẹni tó ń ṣí i o. Ara ògiri ni mo ti rí àdírẹ́sì náà, lẹ́nu géètì.

---

Ọmọ Sábó

Àwọn onílé-ìwé yìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn! Wọ́n á jẹ iṣẹ́ èèyàn tán, wọ́n á dákẹ́. Ẹnì kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì gba àga lọ́wọ́ mi, owó rẹ̀ ò jáde títí mo fi gbé lẹ́tà lọ́yà lọ. Kọ lẹ́tà lọ́yà sí wọn, kí o fún wọn ní ọjọ́ 7.

---

Bàbá Fáìlì

Ọmọ Sábó, tún ọ̀rọ̀ náà kà. Wọn ò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tó bá fi lọ́yà béèrè iṣẹ́ tí wọn ò tíì fún un, kó gbàgbé iṣẹ́ yẹn.

---

Bọ́sà Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, torí èmi ni wọ́n ń kọ irú ìwé yẹn sí. Bọ́sà ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Akẹ̀sán. Mo mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ṣe máa ń rí láti inú ọ́fíìsì.

Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò. July la wà, táàmù kẹta ń parí lọ. Àwọn òbí tó máa san ti san. Owó tó kù nílẹ̀, owó oṣù àwọn tíṣà ni, pàápàá ti August, tí ilé-ìwé á wà ní ìsinmi, tí kọ́bọ̀ kan ò ní wọlé, tí tíṣà á sì fẹ́ jẹun. Bọ́sà tó bá ní làákàyè kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 4 lásìkò yìí, àfi tí owó kan bá wà níbòmíì. September ni owó ń wọlé. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé Mọ́mì fẹ́ sólà náà dáadáa, tí kò kàn sí ohun tí wọ́n lè sọ fún ọ báyìí.

Ìkejì, ó nira fún àgbà láti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé "rárá", pàápàá tó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ní kó wá. Wọ́n á máa sún un síwájú títí ìtìjú á fi bo ọ̀rọ̀ náà. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò dáhùn, àwọn gan-an ni ojú á máa tì láti pè ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí. Ẹ rò pé ẹ̀yin ni ẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń sá fún ìpè yín torí pé wọ́n ti pẹ́ jù.

Ìkẹta, àforíjì o, ìwé yín máa ń gùn jù. Mo gba ọ̀kan rí, ojú ewé 12. Ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ àǹfààní oòrùn fún wa. Ní Ọ̀yọ́ níbí, ta ni kò mọ oòrùn? Ojú ewé tó kẹ́yìn ni iye owó wà. Ohun tí ọ̀gá mi fẹ́ mọ̀ kò ju pé èló la ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ lóṣù báyìí, kí ni nǹkan yìí máa gbé tí kò sì ní gbé, ta la ó pè tó bá bàjẹ́.

---

Má-Wo-Ojú

Tó bá jẹ́ pé kò sówó, ẹ̀dínwó náà ni mo ń wí yẹn.

---

Bọ́sà Ọ̀yọ́

Rárá o, ọ̀gá. Tí mi ò bá tíì sọ pé ó wọ́n, tí ẹ sì yọ 400,000 náírà fúnra yín, ohun tó máa wá sí mi lọ́kàn ni pé iye àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ fi gún wa. Màá dúró wò ó bóyá ẹ tún máa yọ òmíràn. Ohun tó lè ràn mí lọ́wọ́ ni pé kí ẹ pín iṣẹ́ náà: ọ́fíìsì àti yàrá kọ̀ǹpútà ní September, kíláàsì ní January. Ìyẹn mo lè gbé e lọ bá ọ̀gá. Ẹ má sì gbé e wá kí n tó sọ pé owó ni ìṣòro.

---

Alásè Ọjà-Igbó

Ti èmi yàtọ̀ díẹ̀. Oúnjẹ ìgbéyàwó ni mo ń sè. Mo fún ìdílé kan níye fún December, wọ́n dákẹ́. Mo béèrè, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí ẹlòmíì wá fẹ́ gba Sátidé yẹn gan-an, mo kọ̀wé sí wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá, ẹnì kan ti fẹ́ ọjọ́ yẹn, màá fi sílẹ̀ fún yín títí di Wẹsidé. Kó tó di alẹ́, bàbá ìyàwó ti san ìdajì owó. Torí náà, fún wọn ní gbèdéke.

---

Bàbá Fáìlì

Gbèdéke tìẹ jẹ́ òótọ́, Alásè. Sátidé kan ṣoṣo ni, ikòkò rẹ ò lè wà níbi méjì. Tí Oníná bá wá kọ̀wé pé "owó máa gòkè lọ́la" tí kò sì gòkè, Mọ́mì á bi oníná mìíràn ní Under-G, àṣírí á tú. Ṣùgbọ́n òun náà lè ní gbèdéke tó jẹ́ òótọ́. Oníná, ṣé o kọ iye ọjọ́ tí iye owó yẹn máa dúró sínú ìwé rẹ?

---

Oníná Apake

Mo kọ ọ́, ọjọ́ 14. Àná ló pé. Torí dọ́là ni mo ṣe kọ ọ́, ọjà náà ò dúró sójú kan ní Alábà.

---

Bàbá Fáìlì

Ọlọ́run ti bá ọ ṣe é. Ohun tó máa gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn, o ò ní wá ìdí kankan mọ́. Kọ́kọ́ pe ẹni tí ò ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, bi í bóyá iye náà ṣì dúró, títí di ìgbà wo. Má kọ̀wé sí Mọ́mì kí o tó mọ ìyẹn, torí tí wọ́n bá dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé "ó dáa, wá gba owó", o ò ní lè sọ pé iye ti yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ìgbà tí ilé-ìwé máa wọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 8 September ni. O máa fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tí iná á fi máa ṣiṣẹ́ tí ò ń wò ó kí àwọn ọmọ tó dé. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ọjọ́ 4? Ríra ọjà àti gbígbé e wá láti Èkó, ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti gbé ọ dé nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 21 August. Fi ọjọ́ díẹ̀ kún un kí owó fi wọlé. Àárín August ni gbèdéke rẹ. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, Mọ́mì náà sì lè ka ọjọ́ náà fúnra wọn.

---

Oníná Apake

Mo ti pè é. Ó ní òun á di iye náà mú títí di 15 August. Ohun tí mo kọ rèé, mi ò tíì fi ránṣẹ́:

> Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ìparí táàmù, a kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Èmi ni oníná tó wá wo ilé-ìwé yín nípa sólà. Iye tó wà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, ọjọ́ 14 ni mo ní yóò dúró, ó sì ti pé. Mo ti bi àwọn ọlọ́jà, wọ́n ní kò ní yí padà títí di 15 August. Tí ẹ bá fẹ́ kí iná wà kí àwọn ọmọ tó wọlé ní September, ìgbà yẹn náà ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ ọjà rírà. Ṣé ẹ̀yin ni kí n máa bá sọ ọ́, àbí ẹlòmíì wà tó yẹ kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí? Tí kò bá sì sí nínú ètò yín lọ́dún yìí, ẹ sọ fún mi mà, kò burú rárá. Ẹ ṣeun mà.

---

Má-Wo-Ojú

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, pa á rẹ́! Ìwọ fúnra rẹ lò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kọ̀.

---

Bọ́sà Ọ̀yọ́

Gbólóhùn yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí èmi dáhùn. Ẹni tó bá ti gbà pé mo lè kọ̀, mi ò ní sá fún un. Mo sì máa ń fèsì pé "kì í ṣe lọ́dún yìí, padà wá ní January". Ẹ̀yin ọlọ́jà ò ka ìyẹn sí èsì, bẹ́ẹ̀ èsì ni.

---

Má-Wo-Ojú

January mélòó ni wọ́n ti dá fún mi! Mi ò gbà. Tó bá di ìwé kẹta, ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìwé àkọ́kọ́, kò yẹ.

---

Bàbá Fáìlì

Lórí èyí, ẹ̀yìn Má-Wo-Ojú ni mo wà, ìdí tèmi ló yàtọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ìwé kan gbé. Oníná ti bi wọ́n ta ni kó bá sọ̀rọ̀. Tó bá tún wá bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́, wọ́n á fi méjèèjì sílẹ̀ títí wọ́n á fi ráyè ronú. "Ta ni kí n fi ránṣẹ́ sí?" ò gba ìrònú, orúkọ èèyàn lásán ni wọ́n máa kọ. Fi àyè àtikọ̀ pamọ́ de ìgbà mìíràn.

Má sì ṣí ojú ewé tuntun. Lórí Wáàsáàpù, di ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ mú kí o fèsì lé e, kí ìwé náà lè wà lójú kan pẹ̀lú ìbéèrè rẹ. Ti ímeèlì náà, fèsì sórí èyí tí o ti kọ́kọ́ kọ. Ẹni tó bá ní láti wá fáìlì kó tó dá ọ lóhùn ò ní dá ọ lóhùn lónìí.

---

Alásè Ọjà-Igbó

Kí ló dé tí kò kàn lè lọ síbẹ̀? Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. Láti Apake sí ibi yòówù kó jẹ́, ọ̀kadà kan ni. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà.

---

Bọ́sà Ọ̀yọ́

Ó lè lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ ìdánwò, kì í sì í ṣe kó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Mọ́mì láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ bọ́sà tàbí akọ̀wé ni kó yà sí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé lọ́sàn-án. Kó mú ìwé kan ṣoṣo dání: lókè, owó tí wọ́n ń ná sórí jẹnẹrétọ̀ báyìí, lábẹ́ rẹ̀, iye iṣẹ́ àti ohun tó máa gbé. Kó béèrè bóyá ìwé náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, kó fi èyí tó mú dání sílẹ̀, kó sì máa lọ. Àwa bọ́sà kì í gbàgbé ẹni tó bọ̀wọ̀ fún wa, a kì í sì í gbàgbé ẹni tó fò wá kọjá.

---

Ọmọ Sábó

Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn o, ohun tó ń dùn mí ni mo sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìjọba ńkọ́? Mo fi iye àga ìjókòó sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n ti ṣí àwọn àpòòwé lójú gbogbo wa, látìgbà náà, kẹ́kẹ́.

---

Bàbá Fáìlì

Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Tí wọ́n bá ti ṣí àpòòwé, má ṣe pe ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kódà kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 lórí ríra ọjà wà, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń fi iye tìrẹ wé ti ẹlòmíì, àṣírí ni títí wọ́n á fi mú ẹnì kan. Ìpè tí o bá pè lè di ohun tí wọ́n á fi yọ ọ́ kúrò. Wo ìwé tí wọ́n fún yín: iye ọjọ́ tí iye owó yín gbọ́dọ̀ fi dúró wà níbẹ̀. Títí ọjọ́ yẹn fi máa pé, wọn ò pẹ́. Tó bá kọjá, kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé náà, kí o sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tìrẹ.

---

Oníná Apake

Ẹ ṣeun gan-an. Mo yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn, mo fèsì lé ìwé àkọ́kọ́ lórí Wáàsáàpù lọ́sàn-án Túsìdeè. Lọ́jọ́ kejì mo yà sí ọ̀dọ̀ bọ́sà wọn. Ọ̀rọ̀ Bàbá ṣẹ: ímeèlì tó wà lára ògiri yẹn, tíṣà kọ̀ǹpútà tó ti kúrò níbẹ̀ ló ń ṣí i, kò sẹ́ni tó mọ páásíwọ̀dù rẹ̀ mọ́. Bọ́sà ò tíì fojú kan ìwé náà rí, inú rẹ̀ sì dùn sí ojú ewé kan tí mo mú dání.

Mọ́mì fèsì lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ọmọ mi, má bínú. Àbúrò yín tó wà ní Èkó ló ń bá mi wo irú ẹ̀. Kọ̀wé sí i." Wọ́n fún mi ní nọ́mbà rẹ̀. Mo kọ̀wé, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́mbà mọ́dẹ́lì rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ gbé e fún oníná tiẹ̀ ní Èkó?

---

Má-Wo-Ojú

Ohun tó fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn! Má kọ mọ́dẹ́lì sí i. Kọ iye gbogbo ọjà pọ̀, kọ iye iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀. Tó bá san díẹ̀, kó rí ìyókù.

---

Bọ́sà Ọ̀yọ́

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ náwó, tí ẹ sì fi mọ́dẹ́lì pamọ́ fún mi, mi ò ní rà á. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé bátìrì tí ẹ kọ náà lẹ máa gbé wá? Kó kọ orúkọ àti iye ọdún gàràǹtì. Ohun tó lè dì mú ni bó ṣe ṣírò iná ilé-ìwé náà, yàrá sí yàrá. Ìyẹn ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wò. Oníná Èkó ò mọ̀ ọ́n, àfi tó bá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́.

---

Bàbá Fáìlì

Èmi ò mọ ọjà yín tó láti dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Mọ́mì ṣì ni ọlọ́rọ̀. Ohunkóhun tí o bá fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn, fi tó àwọn náà létí ní gbólóhùn kan: "Mo ti rí àbúrò mi bá sọ̀rọ̀ mà, mo ti fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè." Kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọjọ́ tí o bá fi ránṣẹ́, bi ọmọ náà ìgbà tó rò pé òun á ti kà á tán. Ọjọ́ tó bá dá fún ọ lo máa padà bi í. O ò tún ní máa ka ọ̀sẹ̀ méjì mọ́.

---

Oníná Apake

Mo ti bi í. Ó ní Mọ́ńdè. Ti mọ́dẹ́lì ni mi ò tíì pinnu. Ẹlòmíì tó ń ṣe sólà ò sí níbí ni? Ṣé ẹ máa ń kọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó sanwó?